Nígbà tí oríkèé àgbọ̀n bá ń ró tó sì ń dunni: àyẹ̀wò, ìtọ́jú ilé àti ìgbà tí àwòrán pọn dandan

Bí ẹnì kan bá la ẹnu láti jẹun, tí ohun kan sì ró kọ́ níwájú etí rẹ̀, èrò tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé eegun ti yẹ̀ tàbí pé ó kù díẹ̀ kó yẹ̀. Ìró náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ohun tó yẹ kó kó ìdààmú báni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àgbọ̀n wọn ń ró láti ìgbà ọ̀dọ́ títí di ọjọ́ ogbó láìsí ìrora, láìsí ìdíwọ́, tí wọn kò sì nílò ìtọ́jú kankan. Ohun tó yẹ ká máa ṣọ́ ni bí ẹnu ṣe ń là tó. Ẹnu tó ń ró tó sì ń là dáadáa sàn ju ẹnu tó dákẹ́ ìró lójijì tí kò sì là mọ́ lọ. Orí èyí ni gbogbo àlàyé tó kù dá lé.

Oríkèé méjì ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ní, ọ̀kan níwájú etí ọ̀tún, ọ̀kan níwájú etí òsì. Bí ẹ bá fi ìka kan síwájú ihò etí yín, tí ẹ sì la ẹnu díẹ̀díẹ̀, ẹ óò mọ̀ ọ́n lára bí orí eegun àgbọ̀n ṣe ń yí, tó sì tún ń yọ̀ lọ síwájú. Láàárín orí eegun yìí àti kòtò tó jókòó sí lábẹ́ agbárí ni ohun pẹlẹbẹ kan wà tó yi tó sì ṣeé tẹ̀, èyí tí a óò máa pè ní tìmùtìmù oríkèé. Ó yẹ kí tìmùtìmù yìí máa bá orí eegun rìn ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí àwọn okùn ara tó dì í mú bá ti rọ̀, ó lè yọ̀ síwájú ju ipò rẹ̀ lọ. Bí ẹnu bá wá ń là, orí eegun á fò gun orí rẹ̀, ìfò yẹn ló sì ń ró kọ́. Bí ẹnu bá ń padé, eegun á tún já kúrò lórí rẹ̀, ìró kejì, tó sábà máa ń rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, á sì tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe ohun mìíràn

Kì í ṣe gbogbo ìrora tó bá wà nítòsí etí ló ti ara oríkèé àgbọ̀n wá, àwọn kan sì wà tí kò yẹ kí a fi aṣọ gbígbóná dúró dè. Bí ìrora àgbọ̀n bá ń wá nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ agbára, tí àyà sì ń fún, tí òógùn ń bò yín tàbí tí èémí ń kúrú, ọkàn ni kí ẹ fura sí, ilé ìwòsàn pàjáwìrì sì ni kí ẹ gbà lọ. Bí àgbọ̀n bá ń le sí i lọ́jọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ìṣó, igi tàbí irin bá gún ènìyàn, pàápàá ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé, tẹ́tánọ́ọ̀sì ni ó yẹ ká rò kí a tó ro oríkèé. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ibà wà, tí itọ́ sì ṣòroó gbé mì, ó ṣeé ṣe kí eyín tó ti jẹrà ló fà á, kò sì yẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó rí dókítà.

Ẹni tó bá ti kọjá ọmọ 50 ọdún, tí àgbọ̀n rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ bó ti ń jẹun tó sì ń rọlẹ̀ bó bá sinmi, tí orí fífọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú ní ẹ̀bátí, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú lè fọ́ni lójú. Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn kíákíá ni a fi ń dènà ìfọ́jú náà, kì í ṣe àwòrán àgbọ̀n. Àwọn ohun tó rọrùn jù wọ̀nyí lọ tún wà tó ń jọ ìrora oríkèé: etí tó ń ṣọyún, ṣegede, àti èrìgì ìkẹyìn tó hù wọ́ tàbí tó há sínú ẹran.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn ẹnu yín, kí ẹ sì wo ọ̀nà tó ń gbà

Ẹ dúró síwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ la ẹnu dé ibi tó lè là dé láìfi agbára mú un, kí ẹ sì fi ìka ìlábẹ̀, ìka àárín àti ìka tó tẹ̀ lé e, lórí ara wọn, sáàárín eyín iwájú òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹnu àgbàlagbà tó dá ṣáṣá sábà máa ń gba ìka mẹ́ta ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá ní rúlà tó mọ́, ẹ fi wọ̀n ọ́n láti etí eyín òkè dé etí eyín ìsàlẹ̀: mìlímítà 40 sókè ni a kà sí dáadáa fún àgbàlagbà, bí ó bá sì rẹlẹ̀ ju 35 lọ, ìdíwọ́ wà. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, torí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kò wúlò tó nọ́ńbà méjì tí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí àgbọ̀n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní àárín ọ̀nà, tí nǹkan ró kọ́, tó sì padà sí àárín kó tó là tán, tìmùtìmù ló yọ̀ tó sì ń padà sí ipò rẹ̀. Bí ó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan tí kò sì padà títí ẹnu fi dé òpin, tí kò sí ìró, ẹ̀gbẹ́ tó yà sí yẹn ni oríkèé ti há. Ní ìparí, ẹ fi ìka méjì tẹ ẹran tó le ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ bá di eyín, kí ẹ tú eyín sílẹ̀, kí ẹ tún tẹ ẹ́, kí ẹ sì tẹ ẹ̀bátí bákan náà. Bí ìrora tí ẹ ti ń ní tẹ́lẹ̀ bá jí níbẹ̀, iṣan ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èwo nínú wọn ni tiyín?

Ohun tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìrora iṣan, kì í ṣe ti oríkèé. Ìrora náà máa ń fẹ̀, ènìyàn kò lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí i. Ó máa ń bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀bátí, nígbà mìíràn ọrùn. Ẹni tó ń payínkeke lójú oorun á jí pẹ̀lú àgbọ̀n tó le bí ẹni tó fi gbogbo òru jẹ egungun. Ẹ wo eyín rẹ̀, orí wọn ti pẹ́lẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀, eyín ti fi àpá sí i. Àmọ́ kì í ṣe òru nìkan. Ọ̀pọ̀ wa ló ń di eyín lójú mímọ́ láìmọ̀: nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, níwájú kọ̀ǹpútà, nígbà tí owó kò tíì wọlé. Eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò yẹ kó kan ara wọn àfi nígbà tí a bá ń jẹun tàbí tí a bá ń gbé nǹkan mì.

Ẹ fi àwọn ìwà ojoojúmọ́ kún un: fífi eyín ṣí ìgò, fífi eyín já òwú, rírún egungun ẹran dé mùdùnmúdùn, ṣingọ́ọ̀mù láti àárọ̀ di alẹ́, obì àti orógbó lójoojúmọ́, àti jíjẹ èékánná. Mo fi fífi eyín ṣí ìgò síwájú nítorí pé agbára ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni a máa ń fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ àgbọ̀n kò ní ẹ̀gbẹ́ tó dá dúró. Bí ọ̀tún bá tẹ̀, òsì náà á yí.

Tìmùtìmù tó ń yọ̀ tó sì ń padà ló tẹ̀ lé e, òun ló ń ró kọ́. Bí kò bá dunni, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá ń dunni, tàbí tí àgbọ̀n ń há fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀ kó tó tú, ìtọ́jú ilé tó wà nísàlẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lónìí, nítorí pé híhá fún ìgbà díẹ̀ yìí lè ṣíwájú híhá tó dúró.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ti oríkèé tó ti gbó, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti dàgbà tàbí àwọn tó ti fara pa níbẹ̀ rí. Ìró tirẹ̀ kì í ṣe kọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ó ń ró ṣàrà-ṣàrà bí ẹni tẹ iyanrìn mọ́lẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ lílà ẹnu dé òpin rẹ̀.

Ti ẹni tó yán tí ẹnu rẹ̀ kò sì lè padé mọ́ yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Orí eegun ti fò kọjá etí kòtò rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ ní wákàtí yẹn kan náà, torí bí iṣan ṣe ń le sí i ni dídá a padà ń ṣòro sí i. Kò sì yẹ kí ará ilé gbá a létí tàbí kí wọ́n fa àgbọ̀n rẹ̀ lọ́nàkọnà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìtọ́jú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà

Ibi tí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ ni ipò ìsinmi àgbọ̀n, ó sì ṣòro ju bí ó ṣe dùn ún sọ lọ. Ètè pa pọ̀, eyín yà díẹ̀, kí orí ahọ́n sì fara kan òkè ẹnu lẹ́yìn eyín iwájú. Ẹ yan ohun tí ẹ máa ń rí nígbà gbogbo, bíi ojú fóònù tàbí iná pupa ojú ọ̀nà, kí ẹ sì pinnu pé nígbàkígbà tí ẹ bá rí i ni ẹ óò bi ara yín bóyá eyín ti padé. Ẹni tó bá ṣe é tọkàntọkàn á mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí òun ṣe ń di eyín tó.

Oúnjẹ rírọ̀ ni kó kàn, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Kì í ṣe pé kí ẹ máa mu ògì nìkan: mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tó jinná dáadáa, ẹ̀kọ, àmàlà pẹ̀lú ewédú, ẹja, ẹyin àti ìrẹsì tó rọ̀ ṣeé jẹ, bí òkèlè bá kéré. Ẹran, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Kí egungun, pọ̀nmọ́ tó yi, súyà tó gbẹ, àgbàdo sísun àti kúlíkúlì dúró ná. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yán, ẹ fi ìkúùkù gbé àgbọ̀n dúró lábẹ́, tàbí kí ẹ fi ahọ́n tẹ òkè ẹnu kí ẹnu má baà là jù.

Fún iṣan tó le, ẹ bọ aṣọ ìnura sínú omi gbígbóná, ẹ fún un, ẹ dán an wò lẹ́yìn ọwọ́ kí ó má baà bó yín, kí ẹ sì gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbá yín tàbí ẹ ṣubú lù ú ni, yìnyín tí a dì sínú aṣọ ló tọ́ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ooru, ẹ fi ìka méjì wọ́ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní yíyípo fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì.

Ìdárayá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ dáadáa. Ẹ fi orí ahọ́n sí òkè ẹnu, lẹ́yìn eyín iwájú, kí ẹ sì la ẹnu níwájú dígí dé ibi tí ahọ́n ṣì lè kan ibẹ̀ dé, kí àgbọ̀n máa sọ̀ kalẹ̀ gbọnrangandan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí ẹ tún un ṣe nígbà mẹ́fà lójúmọ́. Kò yẹ kó ró, kò sì yẹ kó dunni; bí ó bá ró, ẹ dín lílà ẹnu kù. Àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ mú un ró léraléra kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti lọ. Ìyẹn ń ba ìtọ́jú jẹ́.

Ní ti oògùn, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè lo ibupurofẹ́ènì mìlígíráàmù 400 lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Kò tọ́ sí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, àìsàn ọkàn, ikọ́ fée tí irú oògùn yìí ń jí, ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, tàbí aláboyún. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó lò ó. Parasitamọ́ọ̀lù ló sàn fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, gíráàmù kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó má sì kọjá gíráàmù mẹ́rin láàárín wákàtí 24.

Ẹ ṣọ́ra fún ìtọ́jú tí kò ṣeé dá padà. Ẹni tó bá ní kí òun rẹ́ eyín yín tàbí kí òun yọ eyín tó dára nítorí pé àgbọ̀n ń ró, ẹ lọ gba èrò dókítà eyín mìíràn. Ike tí wọ́n ń fi bo eyín lálẹ́ yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé ó ṣeé yọ. Dókítà eyín ló máa ń wọ̀n ọ́n láti ara eyín ẹni. Ó ń dáàbò bo eyín ẹni tó ń payínkeke, ó sì ń mú ìrora fúyẹ́ fún àwọn kan, àmọ́ kì í dá tìmùtìmù padà sí ipò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwòrán, fún ta ni, àti irú èwo?

Ọ̀pọ̀ àwọn tí àgbọ̀n ń dùn kò nílò àwòrán kankan. Ẹni tó ń ró tí kò dùn ún, tàbí tó jẹ́ pé iṣan nìkan ló ń dùn ún tí ẹnu rẹ̀ sì ń gba ìka mẹ́ta, owó ni yóò fi ṣòfò. Àwọn tó nílò rẹ̀ ni ẹni tó fara pa tí eyín rẹ̀ kò padé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò là ju ìka méjì lọ tí kò sì sàn. Ẹni tí ojú rẹ̀ wú, tó kú tipiri, tàbí tí kókó wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọdé tí ẹnu rẹ̀ ń sé díẹ̀díẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ìṣubú tàbí etí tó ṣọyún. Àti ẹni tó ti ṣe ìtọ́jú tòótọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá láìrí ìyàtọ̀.

Ẹ́síréè tó ń ya gbogbo àgbọ̀n pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Ópíjì, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi eyín, eegun tó ṣẹ́ àti ìbàjẹ́ ńlá hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi tìmùtìmù hàn rárá. Nítorí náà, bí èsì Ópíjì bá sọ pé kò sí nǹkan, kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni ìrora yín. Àwòrán Sítíì ń fi eegun hàn ní kínníkínní, òun ni wọ́n ń fẹ́ fún eegun tó fọ́, oríkèé tó ti lẹ̀ mọ́ra àti kókó inú eegun. Àwòrán Ẹ́máráì, èyí tí wọ́n ń fi òòfà yà, nìkan ló ń fi tìmùtìmù àti omi inú oríkèé hàn dáadáa; ẹnu ní pípadé àti ẹnu ní lílà ni kí wọ́n ya. Kò ní ìtànṣán ẹ́síréè, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ fún wọn bí irin tàbí ẹ̀rọ ọkàn bá wà lára yín.

Ẹ́máráì pàápàá ní òpin. A máa ń rí tìmùtìmù tó yọ̀ kúrò ní ipò nínú àwòrán ọ̀pọ̀ ènìyàn tí nǹkan kan kò dùn rí, torí náà, rírí i kò túmọ̀ sí pé òun ló ń dunni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi dókítà pé, "Bí àwòrán yìí bá fi nǹkan hàn, kí ni yóò yí padà nínú ìtọ́jú mi?" Bí kò bá sí ohun tí yóò yí padà, ẹ lè dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ aránṣọ kan, ọmọ 29 ọdún, tó ti ń fi eyín já òwú láti ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́. Ọdún méjì ni oríkèé ọ̀tún rẹ̀ fi ń ró láìdùn ún. Nígbà tí iṣẹ́ aṣọ ẹbí pọ̀, tí kò sùn tó, àgbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í há fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìró náà kò sí mọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé ó ti sàn, àfi ìgbà tó fẹ́ jẹ búrẹ́dì tí ẹnu kọ̀ láti là. Rúlà fi mìlímítà 26 hàn, àgbọ̀n sì yà sí ọ̀tún láìpadà. Tìmùtìmù ti dí ojú ọ̀nà orí eegun. Ìdí nìyẹn tí ìró fi dákẹ́.

Irú ẹni báyìí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé. Kí ó lọ rí dókítà eyín tàbí oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí irú èyí tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn, Ìdí-Àràbà tàbí Ilé-Ifẹ̀, torí oríkèé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ há rọrùn láti tú ju èyí tó ti pẹ́ lọ. Dókítà á fi ọwọ́ gbìyànjú láti sọ àgbọ̀n kalẹ̀, á ya Ópíjì láti rí i pé kì í ṣe eyín tàbí eegun, á sì fi í sórí oògùn, oúnjẹ rírọ̀ àti ìdárayá nína. Bí nọ́ńbà bá ń gòkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti 26 sí 30, sí 34, sí 38, kò sí ìdí fún Ẹ́máráì, kódà bí tìmùtìmù kò bá padà sí ipò rẹ̀. Ara ẹ̀yìn tìmùtìmù ń yi díẹ̀díẹ̀, oríkèé á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ó bá dúró sí 28 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú ìrora, ìgbà yẹn ni Ẹ́máráì níye lórí, nítorí pé ohun tó tẹ̀ lé e ni fífi abẹ́rẹ́ méjì fọ oríkèé pẹ̀lú omi iyọ̀ ilé ìwòsàn, èyí tó sábà máa ń ṣíwájú iṣẹ́ abẹ èyíkéyìí.